Ìwé Ìjẹ́rìí Báńkì àti Àṣẹ́kù Inú Lẹ́jà: Lílépa Ìyàtọ̀ Tí Kò Ní Àlàyé

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun ní iye owó báyìí ní báńkì, ayẹ̀wéowówò, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ọ́dítọ̀, kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ láti ẹnu ilé-iṣẹ́ náà nìkan. Ó níláti kọ̀wé sí báńkì, kí báńkì sì dá a lóhùn. Ìdáhùn yìí ni yóò gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí yóò sì gbé àṣẹ́kù inú lẹ́jà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an yóò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé iye méjèèjì kì í sábà dọ́gba.

Orúkọ tí a ó fún ìdáhùn báńkì yìí ní èdè Yorùbá yẹ kí a rò dáadáa. Àwọn olùtumọ̀ kan ń pè é ní ‘ìwé ìjẹ́rìísí’. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà. ‘Jẹ́rìí sí’ túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti sọ ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀, tí ẹlòmíràn sì wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Bí a bá gbé e kalẹ̀ báyìí, ohun tí a ń rò ni pé ọ́dítọ̀ yóò kọ iye owó sínú lẹ́tà, tí báńkì yóò sì fọwọ́ sí i. Ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kọ́ nìyẹn. Nínú lẹ́tà tí ó dára, a kì í kọ iye kankan fún báńkì. Àyè ni a ń fi sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ báńkì lè wo ìwé tirẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó rí níbẹ̀. Ẹni tí a bá kọ iye fún lè má wo ìwé kankan kí ó tó fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ‘ìwé ìjẹ́rìí báńkì’ ni ó péye jù: báńkì ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kì í ṣe pé ó ń ṣe àmín sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Ohun kejì tí ó wà nínú orúkọ yìí ni pé kò sí ilé-ẹjọ́ tí ń gba kí olùjẹ́jọ́ máa gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí wá fúnra rẹ̀. Ìlànà Àyẹ̀wò Àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 505, èyí tí ó dá lórí irú ẹ̀rí báyìí, sọ ọ́ kedere pé ọwọ́ ọ́dítọ̀ ni ìdarí lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ wà. Òun ni yóò yan ẹni tí a ó kọ ọ́ sí, òun ni yóò pinnu ohun tí a ó béèrè, òun ni yóò sì fi ránṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí a nílò láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí a ń yẹ̀ ìwé rẹ̀ wò ni ìwé àṣẹ tí àwọn olùfọwọ́sí àkáǹtì bá fọwọ́ sí, nítorí pé báńkì kò lè tú àṣírí oníbàárà rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ. Ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ báńkì dé ọ̀dọ̀ ọ́dítọ̀ tààrà. Bí ó bá kọ́kọ́ dúró lórí tábìlì akáńtáǹtì ilé-iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún wákàtí kan péré, ó ti di ìwé ilé-iṣẹ́.

Àwọn tí ó rò pé àṣejù ni èyí lè wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ítálì ní 2003. Ilé-iṣẹ́ Parmalat, tí ń ṣe wàrà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-iṣẹ́ òun, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bonlat, ní owó yúrò tí ó tó bílíọ̀nù 3.95 ní Bank of America. Ìwé kan wà lọ́wọ́ àwọn ọ́dítọ̀ tí ó sọ bẹ́ẹ̀, orúkọ báńkì náà sì wà lórí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni báńkì fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òun, àti pé ayédèrú ni ìwé náà. Ẹ kíyèsí i pé lórí ìwé, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín ìdáhùn àti lẹ́jà. Wọ́n bára mu rẹ́gí. Ìbáramu náà gan-an ni irọ́.

Ó sún mọ́ ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ọ̀ràn Tingo Group. Nínú ìwé ọdún 2022 tí ilé-iṣẹ́ náà fi sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹta 2023, ó sọ pé ọmọ ilé-iṣẹ́ òun, Tingo Mobile, ní dọ́là mílíọ̀nù 461.7 nínú àwọn àkáǹtì rẹ̀ ní àwọn báńkì Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá 2023, àjọ tí ń mójútó òwò ìpín-ìdókòwò ní Amẹ́ríkà pe ẹjọ́, ó sì fi ẹ̀sùn kàn án pé gbogbo ohun tí ó wà nínú àwọn àkáǹtì wọ̀nyẹn lápapọ̀ ní òpin ọdún 2022 kò tó 50 dọ́là. Àwọn tí a pè lẹ́jọ́ kò wá dáhùn, ilé-ẹjọ́ sì dá wọn lẹ́bi ní 2024 pẹ̀lú owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 250 dọ́là. Kò sí ìmọ̀ ìṣirò gíga kan tí a nílò láti rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a nílò ni pé kí ẹni tí ó béèrè gbọ́ ìdáhùn láti ẹnu ẹni tí owó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Irú ọ̀ràn ńlá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ọ́dítọ̀ ń bá pàdé lójoojúmọ́ kéré, ó sì díjú ju èyí lọ. Kí a lè rí i dáadáa, a ó gbé àpẹẹrẹ kan kalẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan pàtó. A tò ó jọ fún àlàyé ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ ní Itele, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ilẹ̀ Ọ̀tà ti bá ti Èkó pààlà ní apá Ayọ̀bọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe abọ́ àti korobá oníke. Ó ní àkáǹtì kan ní ẹ̀ka báńkì kan ní Sàńgó-Ọ̀tà. Ọdún ìṣirò rẹ̀ parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2023.

Lẹ́jà ilé-iṣẹ́ náà sọ pé ₦18,642,300 ni ó wà ní báńkì lọ́jọ́ náà. Ìwé ìjẹ́rìí báńkì dé tààrà sí ọ́fíìsì àwọn ọ́dítọ̀, ó sì sọ pé ₦21,417,850 ni. Owó tí ó wà ní báńkì fi ₦2,775,550 ju èyí tí ó wà nínú lẹ́jà lọ. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè dunnú pé owó lé. Ọ́dítọ̀ kì í dunnú, kì í sì í bẹ̀rù. Ó máa ń béèrè ìwé kan tí akáńtáǹtì ilé-iṣẹ́ níláti ṣe ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan láti fi hàn bí a ṣe lè rìn láti iye kan dé èkejì.

Ìwé yìí náà ń wá orúkọ. ‘Ìwé ìlàjà’ ni àwọn kan ń pè é, wọ́n sì rí i nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń làjà a máa bẹ ẹgbẹ́ méjèèjì kí oníkálukú fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nínú ìṣirò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀. Akáńtáǹtì tí ó bá ń làjà ni ẹni tí ń fi iye kan dí àlàfo kí ìwé lè bára mu, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sì ni. ‘Ìwé ìmúbáramu’ ni a ó lò níhìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ àbùkù yẹn pátápátá.

Ìwé ìmúbáramu tí akáńtáǹtì Itele gbé wá rìn báyìí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ₦18,642,300 inú lẹ́jà. Ó fi àwọn sọ̀wédowó mẹ́ta kún un, èyí tí ilé-iṣẹ́ ti kọ fún àwọn ènìyàn, tí ó sì ti yọ kúrò nínú lẹ́jà, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ó gbà wọ́n kò tíì mú dé báńkì. Lápapọ̀, wọ́n jẹ́ ₦3,850,000. Ó yọ ₦980,000 kúrò, èyí tí lẹ́jà sọ pé a ti san sí báńkì ṣùgbọ́n tí báńkì kò tíì kọ. Ó tún yọ ₦38,750, owó tí báńkì gbà fún iṣẹ́ rẹ̀, tí a kò tíì kọ sínú lẹ́jà. Ibi tí ó gúnlẹ̀ sí ni ₦21,473,550. Ti báńkì jẹ́ ₦21,417,850. Ó ku ₦55,700. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni akáńtáǹtì kọ ọ́ sí pé: ‘ìyàtọ̀ kékeré, à ń wádìí rẹ̀’.

Èyí tí ó rọrùn jù ni owó iṣẹ́ báńkì, nítorí pé a lè ṣírò rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lábẹ́ ìlànà Báńkì Àpapọ̀ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, báńkì lè gba tó ₦1 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà san jáde láti irú àkáǹtì yìí. Ilé-iṣẹ́ náà san ₦34,000,000 jáde ní oṣù Kejìlá, nítorí náà ₦34,000 ni. Owó-orí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí jẹ́ ₦2,550. Lẹ́yìn náà, owó 44 wọlé láti orí ẹ̀rọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò dín ní ₦10,000, ìjọba sì gba ₦50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ₦2,200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦38,750. Ó pé, a sì kúrò níbẹ̀.

Àwọn sọ̀wédowó mẹ́ta náà jẹ́ ₦1,850,000, ₦1,240,000 àti ₦760,000. Àlàyé tí a ṣe nípa wọn ni pé wọ́n wà lójú ọ̀nà. Irú ìyàtọ̀ báyìí ni a lè pè ní ‘ìyàtọ̀ àkókò’: ilé-iṣẹ́ àti báńkì ń kọ ohun kan náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ kò papọ̀. Àmì ìyàtọ̀ àkókò ni pé ó máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ọ́dítọ̀ kì í jiyàn lórí rẹ̀. Ìwé àkáǹtì oṣù Kìn-ín-ní ni ó máa ń béèrè, ọ̀dọ̀ báńkì ni ó sì máa ń gbà á. Sọ̀wédowó àkọ́kọ́, tí ó jẹ́ ti oníṣòwò èròjà ike, dé báńkì ní ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní 2024. Èkejì, ti ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, dé ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò dé rárá. Nígbà tí a wo ọjọ́ tí a kọ sí i, oṣù Kẹta 2023 ni. Sọ̀wédowó tí ó bá ti lé ní oṣù mẹ́fà, báńkì kì í san án mọ́. Ohun tí a kọ pé ó wà lójú ọ̀nà ti kú sójú ọ̀nà láti oṣù Kẹsàn-án. A rí i nínú àpótí agbowó ilé-iṣẹ́ náà: ẹni tí a kọ ọ́ fún ti gba owó rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò sì rántí fagi lé ìwé náà. A ti kọ ìsanwó kan náà lẹ́ẹ̀mejì sínú lẹ́jà, ₦760,000 sì níláti padà sínú rẹ̀. Àṣìṣe ni èyí, kì í ṣe olè. Ohun mìíràn tí ọ́dítọ̀ ń wò lórí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni bí iye kan bá ju ₦10,000,000 lọ, nítorí pé láti 2010 ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí a má ṣe kọ sọ̀wédowó tí ó ju ìyẹn lọ. Bí a bá rí i nínú àkójọ, ẹni tí ó kọ àkójọ náà ń pa ìtàn.

Ọ̀rọ̀ ₦980,000 gba àkókò jù. Lẹ́jà sọ pé a san án sí báńkì ní owó lọ́wọ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, owó tí oníbàárà kan ní Abẹ́òkúta san fún korobá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú tẹ̀lé e, ọjọ́ Ajé sì jẹ́ ọjọ́ ọdún tuntun. Nítorí náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní, ni ọjọ́ iṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ dé. Bí àlàyé náà bá jẹ́ òótọ́, owó náà yẹ kí ó hàn nínú ìwé báńkì ní ọjọ́ Jímọ̀ fúnra rẹ̀, tàbí, bí a bá fẹ́ ṣe àánú, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Kò hàn. Ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ni ₦980,000 tó wọlé.

Ibí ni ojú àwọn ọ́dítọ̀ tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti máa ń tàn. Wọ́n ń wá ₦980,000 nínú ìwé oṣù tí ó tẹ̀lé e, wọ́n rí ₦980,000, wọ́n sì fi àmì sí i pé ó ti parẹ́. Bí iye bá tilẹ̀ bára mu, ọjọ́ níláti bára mu pẹ̀lú, orísun owó sì níláti jẹ́ ọ̀kan náà. Owó lọ́wọ́ kì í rin ìrìn ọjọ́ 18 láti Itele dé Sàńgó. Nígbà tí a béèrè fún ìwé tẹ́là tí a fi san owó náà, ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ni òǹtẹ̀ báńkì gbé. Nígbà tí a wo ìwé àwọn oníbàárà tí ó ra ọjà ní oṣù náà, a rí obìnrin oníṣòwò kan ní Ifọ̀ tí ó ti san ₦1,000,000 lówó lọ́wọ́ ní ọjọ́ 15, tí ó sì ní ìwé ẹ̀rí ìsanwó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí lẹ́jà sọ pé ó ṣì jẹ gbèsè. Agbowó ti ná owó ará Abẹ́òkúta. Ó wá fi owó ará Ifọ̀ dí i, ó sì ń retí ẹni tí yóò tún fi dí ti ará Ifọ̀. Yorùbá ọjà ní ọ̀rọ̀ tí ó bá èyí mu, ‘fífi gbèsè bo gbèsè’, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú èyí, kì í ṣe agbowó ni ó dà bí ẹni tí ó jẹ gbèsè nínú ìwé, bí kò ṣe oníbàárà tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ₦55,700. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà kan lè yíjú sí ọ̀gá rẹ̀ pé: ‘Ẹ̀gbọ́n, nínú ohun tó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún, ṣé ẹ ò rò pé ká kúkú fi èyí sílẹ̀?’ Ìbéèrè náà kò burú. Ọ́dítọ̀ a máa pinnu iye kan tí ìyàtọ̀ tí kò bá tó o kò lè yí èrò ẹni tí ń ka ìwé padà. Ṣùgbọ́n iye yẹn wà fún àṣìṣe tí a ti mọ ohun tí ó jẹ́. Kò wà fún ohun tí a kò tíì mọ̀. Ìyàtọ̀ tí kò ní àlàyé kì í ṣe iye. Àpapọ̀ iye ni, a kò sì mọ̀ bóyá ohun kan ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí ohun mẹ́wàá tí wọ́n ń pa ara wọn rẹ́.

Ọ̀nà tí a fi ń lépa rẹ̀ kò ní idán. A óò gbé ìwé àkáǹtì oṣù Kejìlá láti báńkì kalẹ̀, a óò gbé lẹ́jà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a óò sì máa fi àmì sí ohun kọ̀ọ̀kan tí ó bá wà nínú méjèèjì. Ohun tí kò bá ní àmì nígbà tí a bá parí ni àwọn tí à ń wá. Nínú ìwé ti Itele, méjì ni ó kù. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ₦600,000 wọlé sí báńkì láti orí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 28, báńkì fa ₦655,700 yọ. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn nínú lẹ́jà. Bí a bá yọ èyí tí ó kéré kúrò nínú èyí tí ó pọ̀, ₦55,700 ni.

₦600,000 kò ní wàhálà púpọ̀. Oníbàárà kan ní Ìbàdàn ni ó fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì àbúrò rẹ̀, akáńtáǹtì kò mọ orúkọ tí ó rí, ó sì fi í sílẹ̀ títí ẹni tí ó ni í yóò fi sọ̀rọ̀.

₦655,700 ni ó yẹ kí a jókòó tì. Báńkì kò fún un ní àlàyé ju nọ́ńbà àkáǹtì mìíràn lọ, nọ́ńbà oní-fígọ̀ 10 tí kò sí níbikíbi nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà ti wà lórí tábìlì àwọn ọ́dítọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwé ìjẹ́rìí báńkì kì í sọ̀rọ̀ nípa àṣẹ́kù nìkan. Lẹ́tà tí ó pé máa ń béèrè gbogbo àkáǹtì tí ó wà ní orúkọ oníbàárà, títí kan èyí tí a ti tì pa láàárín ọdún. Gbèsè tí ó jẹ. Ohun tí ó fi ṣe ìdógò. Àti àwọn ẹlòmíràn tí ó ṣe onídùúró fún. Ní ojú ewé kejì ìdáhùn náà ni báńkì ti kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ náà jẹ ₦11,594,300, àti pé ìwé ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun. Ẹni tí ó gba ìdáhùn náà ti fi iye ojú ewé àkọ́kọ́ wé lẹ́jà, ó sì ti fi í sínú fáìlì. Ó ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo, báńkì sì ti dáhùn mẹ́rin.

Ìtàn náà wá hàn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, olóhun ilé-iṣẹ́ yá ₦12,000,000 láti ra ẹ̀rọ tuntun tí ń yọ́ ike sínú àwo ìmọ. Owó náà kò gba inú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ kọjá. Báńkì san án tààrà fún ẹni tí ó ta ẹ̀rọ. Nítorí èyí ni akáńtáǹtì kò fi rí ohunkóhun tí yóò kọ. Èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí ó túmọ̀ sí ₦250,000 fún oṣù àkọ́kọ́. ₦405,700 tí ó kù nínú ohun tí báńkì fà yọ ni a fi dín ojúlówó gbèsè kù, èyí tí ó sọ ₦12,000,000 di ₦11,594,300. Iye náà bá ti ojú ewé kejì mu láìku kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ọ́dítọ̀ gan-an ti rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n lọ ka ọjà.

₦55,700 tí akáńtáǹtì pè ní kékeré ni ó fẹ̀yìn ti gbèsè tí ó lé ní mílíọ̀nù 11, tí kò sí nínú ìwé. Bí a bá ti gbé ìwé náà jáde bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ yá ilé-iṣẹ́ yìí lówó ní ọdún tí ó tẹ̀lé e yóò rò pé ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ onílẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé ẹlòmíràn ti gbà á sílẹ̀ ṣáájú òun. Olóhun ilé-iṣẹ́ lè má ní ète kan. Ó lè jẹ́ pé lójú tirẹ̀, òun ni ó yá owó, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ilé-iṣẹ́ ni ó wà lórí ìwé gbèsè.

Ní báyìí, a lè tún lẹ́jà ṣe. ₦760,000 ti sọ̀wédowó tí ó kú àti ₦600,000 ti ará Ìbàdàn yóò wọlé. ₦38,750 owó báńkì, ₦655,700 ìsanpadà gbèsè àti ₦980,000 tí kò dé báńkì rí lọ́dún náà yóò jáde. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí kò ní jáde kí ó sì di òfo: agbowó ni yóò jẹ ẹ́ nínú ìwé títí a ó fi mọ ohun tí a ó ṣe. ₦18,642,300 yóò di ₦18,327,850. Bí a bá fi ₦3,090,000 ti àwọn sọ̀wédowó méjì tí ó jẹ́ òótọ́ kún un, ₦21,417,850 ni, iye tí báńkì sọ.

Síbẹ̀, ibi tí ẹ̀rí báńkì mọ wà. Lákọ̀ọ́kọ́, báńkì fúnra rẹ̀ sábà máa ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìdáhùn pé òun kò gba ẹ̀bi kankan bí ohun kan bá sọnù nínú rẹ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tí ó kọ ọ́ wo ẹ̀ka tirẹ̀ nìkan, tí kò sì rí àkáǹtì tí a ṣí ní ẹ̀ka mìíràn. Ibi tí báńkì bá kọ ‘kò sí’, ẹ̀rí ni. Ibi tí ó bá fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, ẹ̀rí kọ́ ni, a sì níláti padà béèrè. Ìyàtọ̀ láàárín ‘kò sí’ àti àyè òfìfo jẹ́ ohun tí ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe fọ́ọ̀mù lédè Yorùbá rò sí, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń dáhùn fo ìbéèrè kan láìmọ̀.

Èkejì ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni báńkì ń jẹ́rìí sí. Bí ẹnìkan bá yá ₦5,000,000 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó san án sí àkáǹtì ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá, tí ó kọ ọ́ sínú lẹ́jà bí owó ọjà, tí ó sì dá a padà ní ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní bí ẹni tí ó ra èròjà, ìdáhùn báńkì yóò bá lẹ́jà mu, báńkì kò sì purọ́. Kò ní sí ìyàtọ̀ kankan láti lépa. Ìwé àkáǹtì ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn òpin ọdún nìkan ni yóò fi hàn pé owó ńlá kan wá kí ilé, ó sì lọ. Ìwé kan náà tí a fi wá àwọn sọ̀wédowó ni, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ohun tí kò sí nínú ìwé ìmúbáramu ni a ń kà nínú rẹ̀.